"Ásíìdì díẹ̀ dà" kì í ṣe rìpọ́ọ̀tù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó tutù nínú mi. Láàbù ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ni wá, ásíìdì sọ́fúríkì la fi ń se ìyẹ̀fun ká tó wọn purotéènì inú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgò rẹ̀ ṣubú sórí tábìlì, ìdérí rẹ̀ kò sì le. Kí wọ́n tó gbé e dìde, ó ti dà sórí tábìlì, ó ń kán sílẹ̀, ó sì ti ta sí ẹ̀gbọ́n wa kan lọ́rùn ọwọ́.

Ibi tó burú jù nìyí: ẹnì kan gbé garawa omi, ó fẹ́ yí i dà sórí ásíìdì náà. Mo pariwo. Tí omi bá kan ásíìdì tó ki bẹ́ẹ̀, ooru á mú un hó lójijì, á sì ta sí ojú gbogbo wa. Ara ènìyàn ló nílò omi, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 20, kí a sì bọ́ aṣọ tó ti mu ásíìdì nígbà tí omi ń ṣàn.

Ní kíníìkì, nọ́ọ̀sì ka ohun tí mo kọ: "ásíìdì díẹ̀ dà sí i lọ́wọ́." Ó ní, ásíìdì wo? Báwo ló ṣe ki tó? Ìṣẹ́jú mélòó kí omi tó kàn án? Ẹnu mi wọhò.

"Díẹ̀" yìí náà ló dà wá láàmú nílẹ̀. Ìwé láàbù ní lítà 1.8 ló wà nínú ìgò láàárọ̀, 1.3 ló ṣẹ́ kù. Mìlílítà 500 ló dà nìyẹn, ó wúwo tó gíráàmù 920. Sódà báíkábónéètì, èyí tí àwọn oníkéèkì ń lò, tó lè pa á kò dín ní kílò 1.55. Gíráàmù 500 péré la ní. Àwọn kan ní èmi ló yẹ kí n ti rà á sílẹ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló mọ iye tí yóò rà tí gbogbo rìpọ́ọ̀tù àtẹ̀yìnwá bá ń sọ pé "díẹ̀"?

A fi yanrìn ká a mọ́, a kò lo eérún pákó, torí ásíìdì náà máa ń jó o dúdú. Sódà dé, a ṣí fèrèsé, a wọ́n ọn láti etí wá sí àárín. Híhó rẹ̀ dáwọ́ dúró, àmọ́ nígbà tí a rò ó tí a sì wọ́n omi tín-ń-tín sí i, ó tún hó: ásíìdì ṣì wà nínú ìṣù, a sì tún wọ́n sódà sí i.

Rìpọ́ọ̀tù tí mo tún kọ nìyí: Aago 10:20 àárọ̀. Ásíìdì sọ́fúríkì, H₂SO₄, 98%. Mìlílítà 500, tábìlì àti ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Omi kàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, ó ṣàn fún ìṣẹ́jú 20. Yanrìn, lẹ́yìn náà sódà kílò 2. Pépà pH ní 7: ásíìdì ti tán níbẹ̀. Ìdọ̀tí wà nínú ike tí a kọ orúkọ ásíìdì sí lára, a kò dà á sí gọ́tà.