Ibà Tó Padà Wá Lẹ́yìn Oògùn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ ní Lábù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lábù, láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń rí ohun kan nínú ìwé èsì tí ẹ ń kọ, ó sì ń bí mi nínú. Aláìsàn á sọ fún yín pé òun lo oògùn ibà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ òtútù àti ara ríro tún ti dé. Ẹ ó gún un ní ìka, ẹ ó kán ẹ̀jẹ̀ sínú ike ìdánwò kíákíá, ìlà méjì á yọ, ẹ ó sì kọ ọ́ pé kòkòrò ibà wà lára rẹ̀. Ìlà méjì yẹn kò tó ẹ̀rí fún ohun tí ẹ kọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ike tí a ń lò kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Èròjà kan tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá, èyí tí a ń rí lára páálí wọn bíi HRP2. Oògùn lè pa gbogbo kòkòrò náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí èròjà yìí sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí òórùn ẹja ṣe ń dúró nínú ìkòkò tí a ti fọ̀. Nítorí náà, bí ibà bá padà kí ọjọ́ 28 tó pé lẹ́yìn oògùn, ẹ̀jẹ̀ orí gíláàsì lábẹ́ maikirosíkóòpù ni kí ẹ fi wádìí.

Obìnrin kan tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tó wà nínú oyún oṣù mẹ́fà, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ibà rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́. Ìdánwò fi hàn, ó lo oògùn rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú oúnjẹ, ara rẹ̀ sì yá. Ní ọjọ́ kọkànlá, òtútù tó ń mi ibùsùn tún gbé e. Níbi tó lọ, wọ́n gún un ní ìka, wọ́n rí ìlà méjì, wọ́n sì tún fún un ní oògùn ibà kan náà, láìbi í léèrè ìgbà tó lo ti àkọ́kọ́. Ó sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ òun ọ̀tún ń dun òun gan-an lábẹ́ egungun ìhà, àti pé ìtọ̀ ń ta òun. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ẹ̀yìn ríro kò ṣàjèjì sí aláboyún. Títí di òní, inú mi kò tíì rọ̀ sí ẹni tó fọ èsì yẹn.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé e wá bá wa lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kò lè jókòó ṣánṣán mọ́. Mo kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nípọn sórí gíláàsì kan, mo tẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́ sórí èkejì, mo fi Gíímúsà pa wọ́n láró, mo sì wo ojú ibi tó lé ní 100: kò sí kòkòrò kan. Síbẹ̀, ike tí a kán ẹ̀jẹ̀ ìka kan náà sí ṣì yọ ìlà méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì ti ṣá. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ó rú, ọyún sì kún ojú maikirosíkóòpù. Àrùn ti wọ kíndìnrín. Dókítà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ apakòkòrò, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìrọbí ti mú un lọ́nà. Ìyá yè, ọmọ kò yè.

Nítorí náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí aláìsàn lo oògùn ibà gbẹ̀yìn, bóyá ó lò ó tán, bóyá ó sì bì í. Bí gíláàsì bá fi kòkòrò hàn kí ọjọ́ 28 tó pé, ẹ kọ ọ́ gàgàrà kí dókítà lè yí oògùn padà. Bí kò bá sí kòkòrò tí ibà kò sì lọ, ẹ tún un ṣe láàárín wákàtí 12 sí 24 títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é kí ẹ tó wá àrùn mìíràn nínú ìtọ̀ àti nínú ẹ̀jẹ̀.

Aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti ẹni tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú láìṣe ìdánwò. Ẹni tí gìrì ń mú, tí kò ṣeé jí, tó ń bi gbogbo ohun tó mu, tí mímí rẹ̀ yá jù, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì, kò gbọdọ̀ tò lẹ́yìn àwọn aláìsàn mìíràn rárá. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ fún gíláàsì, fún ṣúgà àti fún ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà, nítorí abẹ́rẹ́ atẹ́súnéètì tó wà fún ibà líle kò ní dúró de gíláàsì yín. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà: bó bá ti já wálẹ̀, ó lè fa gìrì fúnra rẹ̀, ó sì ní àtúnṣe ní kíá. Ní ti aláboyún tí ibà ń ṣe, ẹ fún un ní ìgò ìtọ̀ kó tó dìde lórí àga, ohun yòówù kí ike sọ.