Ṣé àbẹ̀wò ló mú ẹ̀gẹ́ ta, àbí ẹ̀gẹ́ tó ta ló fa àbẹ̀wò?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí síwájú àwọn olùyẹ̀wò lórí tẹ́sìsì másítà mi, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, tí mo bá ti rántí yàrá yẹn, ara mi á tún gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ orí kẹrin àti ìkarùn-ún lọ́wọ́, tí rìgírẹ́ṣàn sì wà nínú iṣẹ́ yín, ẹ wá gbọ́ o.

Àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ 120 ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Àwọn kan ní oko lẹ́bàá títì ọlọ́dà, àwọn mìíràn wà nínú igbó lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀kadà gan-an ti ń bẹ̀bẹ̀ nígbà òjò. Mo bi wọ́n bóyá àwọn ará àgíríkì, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àgbẹ̀ nígbìn, bẹ̀ wọ́n wò lọ́dún náà. Ọgọ́ta ní bẹ́ẹ̀ ni, ọgọ́ta ní rárá. Mo wá fi R, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, wo bí ìkórè wọn ṣe bá àbẹ̀wò tan:

```
summary(lm(ikore ~ abewo))
```

Iye tó jáde níwájú `abewo` jẹ́ 3.2, ìràwọ̀ mẹ́ta sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò ń kórè tọ́ọ̀nù 13.6 lórí hẹ́kítà kan, àwọn tí wọn kò bẹ̀ wò ń kórè 10.4. Inú mi dùn débi pé mo lọ jẹ àmàlà ní Tákíé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ tẹ́sìsì, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí: «Àbẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ń mú kí ìkórè fi tọ́ọ̀nù 3.2 lé sí i.»

Olùyẹ̀wò tó wá láti ìta ni ìyá àgbà kan tí ohùn wọn tutù bí omi àmù. Wọ́n ka gbólóhùn náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì yọ awò ojú wọn. «Ọmọ mi, ta ló ń yan oko tí òṣìṣẹ́ yóò lọ?» Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni, mà. «Kí ni wọ́n ń gùn lọ?» Alùpùpù, mà. «Epo ta ni?» Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n wò mí. «Ìwọ tí o bá ní alùpùpù, tí o sì ń fi owó ara rẹ ra epo, oko ẹ̀bá títì àti oko inú igbó, èwo ni wàá yà sí?»

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Fáànù nìkan ló ń dún. Òógùn ti bo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi, nítorí mo ti mọ ìdáhùn náà tipẹ́. Bàbá kan lápá Ajáàwà ti sọ ọ́ fún mi létí ebè wọn: «Ìgbà tí wọ́n rí ẹ̀gẹ́ mi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà.» Mo rẹ́rìn-ín, mo sàmì sí «bẹ́ẹ̀ ni» nínú ìwé ìbéèrè, mo sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Kò sáyè tí mo lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. (Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni mí o. Súpáfáísọ̀ mi ka orí yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò sì bá mi wí.)

Ìyá ní kí n fi títì kún un lójú wọn níbẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́:

```
summary(lm(ikore ~ abewo + titi))
```

Iye 3.2 di 0.4. Ìràwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pòórá lójú mi.

Ẹ wò ó bí ó ṣe rí. Nínú ọgọ́ta tí wọ́n bẹ̀ wò, 45 ló wà lẹ́bàá títì, 15 péré ló wà nínú igbó. Ti àwọn tí wọn kò bẹ̀ wò yí padà gẹ́lẹ́: 15 lẹ́bàá títì, 45 nínú igbó. Lẹ́bàá títì, ẹni tí wọ́n bẹ̀ wò ń kórè tọ́ọ̀nù 15, ẹni tí wọn kò bẹ̀ wò ń kórè 14.6. Nínú igbó, 9.4 àti 9. Ẹni tó bá súnmọ́ títì ń rí ajílẹ̀ rà, ó ń rí lébìrà, ó sì ń tètè rí igi ẹ̀gẹ́ tuntun gbìn. Títì ló ń jà níbẹ̀. Èmi wá gbé ìyìn títì fún àbẹ̀wò.

Ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn ló tàn mí. Ohun tó ń sọ kò ju pé ká ní kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí lápapọ̀, ó ṣòro kí irú àlàfo báyìí kàn ṣèèṣì jáde nínú àwọn tí mo bá pàdé. Òótọ́ ni àlàfo náà. Ohun tó fà á ni ìràwọ̀ kò mọ̀.

Ẹ má sì tún ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀, mo fẹ́ sọ pé «à, àbẹ̀wò ò ṣiṣẹ́ nìyẹn, mà». Ńṣe ni ìyá náà mirí. Ibi tí 0.4 yẹn lè wà gan-an bẹ̀rẹ̀ láti -0.8 dé 1.6. Ó lè ṣèrànwọ́ díẹ̀, ó lè má ṣe nǹkan kan. Títì nìkan sì kọ́ ni ọ̀rọ̀: mi ò wọn bí àgbẹ̀ ṣe ń tẹpá mọ́ṣẹ́ tó, mi ò sì mọ bí ìkórè ṣe rí kí àbẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá Ajáàwà ṣì wà ńlẹ̀, rìgírẹ́ṣàn ọdún kan ṣoṣo kò sì lè mọ èyí tó ṣáájú.

Wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta láti tún un ṣe, mo ti ṣe é, wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ jù ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí: «mú kí». Mo kórìíra rẹ̀ báyìí. Níbi tí mo ti kọ «ń mú kí ìkórè lé sí i», mo kọ «ìkórè àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò ju ti àwọn tí wọn kò bẹ̀ wò lọ». Ọ̀wọ́ àgbẹ̀ méjì ni mo fi wéra, mi ò tẹ̀lé àgbẹ̀ kan ṣoṣo láti ìgbà tí wọn kò tíì bẹ̀ ẹ́ wò títí dìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà «lé sí i» gan-an kò tọ́ sí mi, «ju ti … lọ» ni tèmi. Gbólóhùn tí mo fi sílẹ̀ nígbẹ̀yìn nìyí: «Láàárín àwọn oko tí ìjìnnà wọn sí títì bára mu, ìyàtọ̀ tọ́ọ̀nù 0.4 ni a rí láàárín àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò àti àwọn tí wọn kò bẹ̀ wò. Détà yìí kò lè sọ bóyá àbẹ̀wò ló fà á.»

Ibi tí «mú kí» ti ń sá pamọ́ sí ni orí karùn-ún, níbi àbá. Mo ti fọ orí kẹrin mọ́ tónítóní, àfi bí mo ṣe bá a lójú ewé tó kẹ́yìn: «Kí ìjọba gba òṣìṣẹ́ sí i kí ìkórè lè pọ̀.» «Kí ìkórè lè pọ̀» yẹn, «mú kí» ló tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo sọ ọ́ di pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́ gègé láti yan àwọn abúlé tí òṣìṣẹ́ tuntun yóò lọ, kí wọ́n sì wọn ìkórè ṣáájú àti lẹ́yìn. Ó tún wà nínú àkọlé: «Ipa Àbẹ̀wò Lórí Ìkórè Ẹ̀gẹ́». Mo yọ «Ipa», mo fi «Ìbátan» sí i, ó di «Ìbátan Tó Wà Láàárín Àbẹ̀wò àti Ìkórè Ẹ̀gẹ́», mo sì tún sanwó ìtẹ̀wé ẹ̀dà mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá kọ tiyín tán, ẹ tẹ Ctrl+F, kẹ́ ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dúró fún «mú kí», «ipa», «fà á» àti «nítorí». Mẹ́tàdínlógún ni mo bá nínú tèmi.