Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán Ọjọ́ Ìbí Ogójì Ọdún

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọdún yìí ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ń pé ogójì ọdún, mo sì ń ka ohun tí kálukú ń kọ sábẹ́ àwòrán ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ń dùn mí pé ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi aṣọ ìrẹ̀lẹ̀ bo ìgbéraga mọ́lẹ̀.

Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi tirẹ̀ hàn mí kí ó tó gbé e síta. Ó kọ ọ́ pé: “Èmi tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín. Mo ti kọ́ pé sùúrù lérè. N kò tíì já mọ́ nǹkan kan o.” Mo ní kí ó wo èsì tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá kà á. Àwọn tó fi í ṣẹ̀sín ni àkọ́kọ́ ń bá wí, kì í ṣe àwa tí a fẹ́ bá a yọ̀. Èkejì kò ní àpá ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀kẹta ló burú jù, nítorí kò sí ohun tí èèyàn lè fi dá a lóhùn ju “rárá o, o já mọ́ nǹkan” lọ; ìyìn ni ó ń tọrọ.

Mo wá bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló ná an lówó. Ó dákẹ́ títí kí ó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ náà ni a kọ sílẹ̀:

“Mo pé ogójì ọdún lónìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fọwọ́ sí ìwé pé ẹrù pé, láìka ẹrù náà. Páálí mẹ́ta kò sí níbẹ̀, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi. Àgbà tó ń tọ́jú ilé ẹrù dúró tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú, ó kọ́ mi bí a ṣe ń kà á. Títí dòní, mo máa ń kà kí n tó fọwọ́ sí i. Ẹ ṣeun, sà.”

Kò sí ipò rẹ̀ níbẹ̀, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kò dárúkọ ilé iṣẹ́, kò sì dárúkọ àgbà náà, torí pé kò tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ orí àti ìṣẹ̀lẹ̀ náà ló ṣíwájú: Instagram ń gba tó lẹ́tà 2,200, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń hàn títí ẹni tó ń kà á yóò fi tẹ̀ ẹ́ láti rí ìyókù. Bí ìyìn ara ẹni bá wà lókè, òun nìkan ni ọ̀pọ̀ yóò rí.

Bí ẹnìkan bá sì yìn yín lábẹ́ rẹ̀, ẹ kàn dúpẹ́. Ẹ má ṣe bá a jiyàn pé ẹ kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí iyàn náà ni yóò mú un tún yìn yín lẹ́ẹ̀kejì.