Òdo méjì kì í jọ ara wọn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń dá ṣe lóru, ẹ gbọ́ ohun tí ìlà kan ṣoṣo fi ojú mi rí.

Agogo méjì òru ni ètò tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yóò ṣí fáìlì owó káàdì tí báǹkì fi ránṣẹ́, yóò fi wé ìwé ọjà tí a tà, yóò sì kọ ímeèlì sí màmá tó jẹ́ olórí akáǹtì wa. Láàárọ̀ mẹ́ta léraléra, ohun tí wọ́n rí kà ni: “Àyẹ̀wò ti parí. Àìbáramu: 0.” Wọ́n fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, oníbàárà kan pariwo pé ẹ̀ẹ̀mejì la yọ owó òun. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ètò náà:

```
files=0 rows=0 mismatches=0 exit=0
```

Báǹkì ti yí orúkọ fáìlì padà láti `settle_` sí `SETTLE_`. Lójú Línúksì, orúkọ méjì ni. Ètò mi kò rí fáìlì kankan, kò yẹ nǹkan kan wò, ó sì parí ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. `exit=0` kò ju pé ètò náà kò dá kú lójú ọ̀nà. Èmi ni mo sọ ọ́ di “kò sí àṣìṣe” fún ẹni tí kò lè rí `files=0`.

Àtúnṣe mi àkọ́kọ́ tún burú. Mo kọ ọ́ pé: “Àyẹ̀wò òru yìí já sí òfo.” Kò tíì tó aago méje tí màmá pè mí: “Èló ló sọnù?” Ẹni tó ń ka owó, òfo kì í ṣe òdo létí rẹ̀, àdánù ni.

Ní báyìí, ètò náà ń ka ohun tó yẹ̀ wò lọ́tọ̀, ó ń ka ohun tó rí lọ́tọ̀, iye méjèèjì ló sì ń yan ọ̀rọ̀. Bó bá yẹ owó wò tí gbogbo rẹ̀ pé: “A yẹ ìsanwó 412 ti ọjọ́ 6 oṣù yìí wò. Gbogbo rẹ̀ bá ìwé wa mu. Kò sí ohun tí ẹ máa ṣe.” Bí fáìlì kò bá dé: “Fáìlì báǹkì ti ọjọ́ 6 kò tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́. A kò tíì yẹ owó kankan wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé ọjọ́ náà. À ń bá báǹkì sọ̀rọ̀.” Bí fáìlì bá dé ṣùgbọ́n tí kò sí ìsanwó nínú rẹ̀, bí ọjọ́ tí a kò ṣí ilé ìtajà, a ó sọ bẹ́ẹ̀, a ó sì béèrè bóyá lóòótọ́ ni a kò tà. Màmá mọ̀ ọ́n ju kọ̀ǹpútà lọ.

Ẹ kíyè sí i pé n kò kọ “àná”. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ ní agogo méjì òru, àná rẹ̀ lè má jẹ́ àná ẹni tó ń kà á.

Fáìlì tó dé ní ààbọ̀ ṣì lè tàn wá jẹ. Màmá ló rí ìyẹn. Nígbà tí wọ́n ka 412, wọ́n bi mí pé: “Mélòó ló máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀?” Mo ti ń kọ ìyẹn náà mọ́ ọn.