Orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló wà nínú fọ́ọ̀mù

Oṣù kan lẹ́yìn tí a sin ọkọ mi, mo kó ìwé ìgbéyàwó wa àti ìwé tí ilé ìwòsàn fún mi, mo gba ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Orúkọ yín kọ́ ló wà níbí." Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí a tó mọ ara wa ló ti fi í ṣe nẹ́sìtì-ọfù-kín, kò sì rántí pààrọ̀ rẹ̀.

Mo sunkún délé. Ẹ̀gbọ́n náà gan-an gbà pé owó ti di tòun. Ó ní, "Ìyàwó wa, mi ò ní gbàgbé ìwọ àtàwọn ọmọ." Àṣé àwa méjèèjì la ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ohun tí Òfin Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ ni pé bí olóògbé bá ṣe ìwé ìhágún tí kóòtù sì fọwọ́ sí i, àwọn tó dárúkọ sínú rẹ̀ ló ni owó inú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí kò bá ṣe é, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ló kàn. Ìgbà tí kò bá sí ìyàwó, tí kò sí ọmọ, ni wọ́n tó ń wo nẹ́sìtì-ọfù-kín. Nítorí náà, ìyá ọkọ mi tí ó ń fowó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù kò sí lórí ìlà, àbúrò rẹ̀ tí ó ń rán nílé ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí fún ìyá wa. Nílé la ti yanjú tiwọn, òfin ò bá wa dá sí i.

Ọ̀kan wà tí n kò fẹ́ kà mọ́ wọn: ọmọ tí obìnrin mìíràn bí fún un kó tó fẹ́ mi. Akọ̀wé ní ọ́fíìsì Próbéètì, níbi tí kóòtù ti ń bójú tó ogún olóògbé, ló là mí lóye. Ó ní ìbúra ni mo fẹ́ ṣe lórí fọ́ọ̀mù tí mo ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sí, àti pé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kò gbà kí a fi bí wọ́n ṣe bí ènìyàn fi nǹkan dù ú. Mo kọ orúkọ ọmọ náà sí i. Ìyá rẹ̀ gbé ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Próbéètì yìí, ní Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀, ni ilẹ̀kùn gbogbo rẹ̀. Láìsí ìwé ìhágún, lẹ́tà ìṣàkóso ogún tí wọ́n ń fún ni níbẹ̀ ni àwọn olówó ìfẹ̀yìntì ń béèrè. Mo gba lẹ́tà tó sọ iye tó wà nínú àkáǹtì, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pẹ̀lú àwọn ohun ìní yòókù, mo mú onídùúró méjì lọ. Wọ́n kéde rẹ̀ síta kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ kò tíì pé ọdún 18, nítorí náà wọn kò lè fún èmi nìkan ní lẹ́tà náà, ó di dandan kí a jẹ́ méjì. Ta ni mo mú? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ni. Ó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ ni owó náà pẹ̀lú tèmi.

Ibi tí mo ti pàdánù ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni orúkọ. Ìwé ilé ìwòsàn kò tó, ìwé ẹ̀rí ikú ti àjọ tó ń ka ènìyàn ni wọ́n fẹ́. Mo gbà á, mo kọ "Ṣẹ́gun" síbẹ̀. "Olúṣẹ́gun" ló wà nínú àkáǹtì. Ó di pé mo lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni. Ẹ wo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà PEN olóògbé, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí ẹ tó lọ gba ìwé kankan, kí ẹ sì bá a mu ní lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tó jẹ́ pé ìdáná nìkan ni wọ́n ṣe, tí kò ní ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbúra ni yóò fi rọ́pò rẹ̀, kí àgbà láti ìdílé méjèèjì sì wà nítòsí láti jẹ́rìí.

Owó kejì kò sí nínú àkáǹtì yìí rárá, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ta mí lólobó. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe ìńṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. ₦120,000 ni ọkọ mi ń gbà lóṣù, ìyẹn ₦1,440,000 lọ́dún, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ ₦4,320,000. Èyí yàtọ̀ sí ti àkáǹtì, torí ẹni tí òṣìṣẹ́ dárúkọ sínú ìńṣọ́ránsì ni wọ́n ń san án fún. Mo rò pé orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni màá bá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí fáìlì, orúkọ tèmi ni, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún tí a bí àkọ́bí wa.