Ọjọ́rú: Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú

Nígbà tí mo dé ẹnu iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, níbi tí a ti ń dá àwọn oníbàárà tó fi ẹrù ránṣẹ́ lóhùn, àtẹ̀jíṣẹ́ Wasáàpù mẹ́ta ti wà nílẹ̀ láti orí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Aago 7:52, 7:53, 7:58. Mo ṣí àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìkejì àti ìkẹta, bákan náà. Àpótí funfun mẹ́ta ló tò tẹ̀lé ara wọn, aago tí wọ́n wọlé nìkan ló hàn lábẹ́ wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni èsì tí ẹ̀rọ wa ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: "A dúpẹ́. A ti rí ìbéèrè yín, a ó kàn sí yín láìpẹ́." Ìbéèrè wo la rí? Ẹni tó bá ka irú èsì bẹ́ẹ̀ á gbé fóònù sílẹ̀, á máa retí wa, á gbà pé ọ̀rọ̀ òun ti dé etí ẹni tó yẹ. Bí kò bá sì tún kọ̀wé mọ́, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ẹ̀rọ á pa tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣí fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníbàárà ni kò fèsì. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí. Àwa la kò gbọ́, òun la wá sọ pé kò dáhùn.

Àbúrò tó ṣiṣẹ́ òru ti kọ èsì mìíràn sílẹ̀, kò tíì fi ránṣẹ́: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé ìṣòro yín dáadáa." Mo ní kó dúró ná. Ẹni yìí ti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Tí a bá ní kó ṣàlàyé dáadáa, ńṣe ló máa dà bíi pé a ní kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ pàápàá kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo kọ́kọ́ lọ wo inú ìwé ìwọlé ẹ̀rọ náà, níbi tí gbogbo ohun tó bá gba Wasáàpù wọlé ti ń fi orúkọ sílẹ̀. Ìdí tí mo fi lọ síbẹ̀ ni pé Wasáàpù kì í jẹ́ kí èèyàn fi àlàfo lásán ránṣẹ́. Bí àpótí bá ṣófo níwájú wa, ó ṣeé ṣe kí nǹkan wà nínú rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

```
"type": "audio"
"type": "audio"
"type": "image"
```

Ohùn méjì àti àwòrán kan. Ọ̀rọ̀ títẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ tí à ń lò ń gbé sójú tábìlì wa. Tí àwòrán bá wá láìní ọ̀rọ̀ lábẹ́, tàbí tí ẹni kan bá fi ohùn ránṣẹ́, àpótí rẹ̀ á wọlé, ohun inú rẹ̀ á sì sọnù sọ́nà. Àbùkù tiwa ni.

Mo wá kọ èyí:

"Ẹ káàárọ̀ o. Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́ láàárín aago 7:52 sí 7:58 ti dé, ṣùgbọ́n a kò rí ohun tó wà nínú wọn. Ohùn àti àwòrán ni, ẹ̀rọ wa kò sì lè ṣí wọn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣàṣìṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì yín ránṣẹ́. Bí títẹ̀ bá nira, ẹ tẹ 1 péré, a ó pè yín."

Mo fi aago síbẹ̀ kí ó lè mọ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀ gan-an là ń wí, pé èèyàn ló wò ó. N kò kọ "mà" tàbí "sà", torí n kò tíì mọ ẹni tí ó jẹ́. "Ẹ" ti gbé ọ̀wọ̀ náà délé. Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè. Tí mo bá da orúkọ, ọjọ́, ìlú àti iye owó pọ̀ bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò fẹ́ràn títẹ̀ á tún gba ohùn sílẹ̀, a ó sì padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. N kò sì ní béèrè ohunkóhun tó kan báńkì nínú èsì àkọ́kọ́ láé, torí báyìí gan-an ni àwọn gbájú-ẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀: "a kò rí ohun tí ẹ kọ, ẹ tún un fi ránṣẹ́."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí "1" fi dé.

Màmá kan ni wọ́n, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fi ẹ̀lùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí ọmọ wọn l'Ékòó, nọ́ńbà ọmọ náà sì ti yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ti àtijọ́ sára ẹrù. Rìsíìtì ni wọ́n yà ní fọ́tò. "Ọmọ mi, mo ti sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mejì," ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ. Mo ní, "Ẹ má bínú mà, a kò gbọ́ ọ ni." Awakọ̀ wa l'Ékòó ti pe nọ́ńbà àtijọ́ títí, ó ti ń múra àtidá ẹrù padà. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ẹ̀lùbọ́ ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Lọ́sàn-án, ímeèlì òfìfo kan tún wọlé. Ìyẹn kò gba wàhálà. Orí àkọlé ni oníbàárà náà kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Àkọlé yìí ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kó wo fáìlì tí wọ́n so mọ́ ọn, kó tó béèrè ohunkóhun.

Mo ti bẹ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wa pé kí èsì ìdúpẹ́ yẹn má lọ mọ́ tí kò bá sí ọ̀rọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Ó ní kí a kọ́kọ́ gé àlàfo kúrò, kí a wo bóyá lẹ́tà kan ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ó fi hàn mí pé èyí nìkan kò tó, torí àwọn àmì kan wà tí ojú kò rí tí kì í bá àlàfo lọ:

```
>>> len("\u00a0".strip())
0
>>> len("\u200b".strip())
1
```

Àwọn méjèèjì ṣófo lójú wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ka èkejì sí lẹ́tà. Irú rẹ̀ máa ń bá ọ̀rọ̀ tí èèyàn dà kọ láti ibòmíràn wá. Ó máa fi orúkọ irú àwọn àmì bẹ́ẹ̀ sínú òfin tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tún wọlé ní aago 4:10 ìrọ̀lẹ́. `"type": "unsupported"` ni ìwé ìwọlé kọ sí i, nítorí náà n kò lè sọ ohun tó jẹ́. Mo fi irú èsì ti àárọ̀ ránṣẹ́, mo yọ "ohùn àti àwòrán" kúrò nínú rẹ̀. Kò tíì dáhùn. Wákàtí 24 ni Wasáàpù fún iléeṣẹ́ láti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn gbólóhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ nìkan la lè lò. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo sì kọ ọ́ sí i fún àbúrò tó ń bọ̀ lálẹ́ pé kó má pa á dé. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí n kò gbọ́ nǹkan, mo máa pe nọ́ńbà náà kí agogo mẹ́wàá tó lù.