"Ẹ Bá Mi Wo Nǹkan Díẹ̀"

Oṣù tó kọjá ni mo pé ọdún 18 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo ti to sílẹ̀ láti kọ fún ẹ̀yin ọmọ tuntun ọ́fíìsì, pàápàá nítorí ohun tí mo rí lọ́jọ́ Mọ́ńdè: ọ̀kan nínú yín lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tí iṣẹ́ ti bò mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo nǹkan díẹ̀." Nǹkan díẹ̀ náà gbà wọ́n ní odindi ọ̀sán.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: ẹ má pe iṣẹ́ tó pọ̀ ní díẹ̀. Ìkejì: ẹ wo ohun tó wà níwájú ẹni náà kí ẹ tó lanu. Ìkẹta, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ bí mo ṣe kọ́ ọ, torí bí mo bá ń tò ó báyìí, ẹ ò ní gbà mí gbọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ kan níhìn-ín ní Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi ni mo ń bójú tó èsì ìdánwò. Ọjọ́bọ̀ kan, ọjọ́ 26 oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní èsì akẹ́kọ̀ọ́ 412 gbọ́dọ̀ wà lára pátákó láago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì. Orúkọ àti nọ́ńbà wọn wà nínú ṣíìtì kan, nọ́ńbà àti máàkì wà nínú òmíràn, wọn ò sì tò bákan náà. Mo mọ̀ pé Excel lè so wọ́n pọ̀, àmọ́ n kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Àǹtí kan ní akáǹtì mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Owó oṣù ló sì wà níwájú wọn lọ́jọ́ náà: fọ́ṣà ga dé àgbọ̀n wọn, tíì tí wọ́n pò láàárọ̀ ṣì wà nínú kọ́ọ̀pù. Ojú mi rí gbogbo rẹ̀. Mo tẹríba, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo nǹkan díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà." Wọ́n ní, "Ó dáa, màá wò ó."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé "màá wò ó" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ ṣe é á ní, "Mú un wá." Àgbà kò fẹ́ já ọmọdé kulẹ̀ lójú ni. Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo gba ẹ̀yìn lọ bá ọ̀gá wọn pé kó bá mi bá wọn sọ ọ́. Ọ̀gá pàṣẹ, wọ́n sì gbé fáìlì mi lọ sílé ní Modákẹ́kẹ́ pẹ̀lú tiwọn. Lóru, pẹ̀lú oorun lójú, wọ́n kọ fọ́múlà yìí láti fi nọ́ńbà wá máàkì:

```
=VLOOKUP(A2,Sheet2!A:B,2)
```

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyí:

```
=VLOOKUP(A2,Sheet2!A:B,2,FALSE)
```

Láìsí `FALSE`, Excel á gbà pé nọ́ńbà inú ṣíìtì kejì tò láti kékeré dé ńlá. Bí wọn ò bá tò, ó lè gbé máàkì ẹlòmíràn fún ọ, kò sì ní kígbe. Bí `FALSE` bá wà, nọ́ńbà tí kò rí, `#N/A` ló máa kọ síbẹ̀. Mo tẹ èsì náà, mo lẹ̀ ẹ́ láìyẹ ẹyọ kan wò. Ọmọbìnrin kan tí kò jókòó ìdánwò rárá ló kọ́kọ́ wá bá wa: ó gba 68. Kí a tó ṣẹ́jú, èrò ti kún iwájú pátákó.

Ọ̀gá àgbà bèèrè ẹni tó ṣe é. Mo dáhùn pé, "Akáǹtì ló bá mi ṣe é, sà." Àǹtí náà ni wọ́n fún ní kúẹ̀rì. Owó oṣù náà sì pẹ́, gbogbo ilé iṣẹ́ kọjú ìjà sí wọn. Títí dòní ni inú ṣì ń bí mi sí ọ̀gá àgbà yẹn tí kò bi mí ní ìbéèrè kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo dákẹ́.

Lónìí, ohun tí mo máa sọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé owó oṣù lẹ wà lórí ẹ̀. Orúkọ 412 ni, nínú ṣíìtì méjì. Fọ́múlà kan ṣoṣo ni mo nílò. Ó lè gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀la láago méjìlá ni wọ́n fẹ́ ẹ. Bí kò bá rọrùn, ẹ sọ fún mi nísinsìnyí, èmi àti kíláàkì á fọwọ́ kọ ọ́ lálẹ́ yìí." Fífọwọ́ kọ ọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹnì kan á máa kà, ẹnì kan á máa kọ, a ó sì parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ ò bá ní ọ̀nà kejì bẹ́ẹ̀, ẹ ò bẹ̀ wọ́n, ẹ fi ipá mú wọn ni. Tí wọ́n bá sì gbà, ẹ bá wọn to fọ́ṣà ní nọ́ńbà-nọ́ńbà nígbà tí wọ́n ń ṣe tiyín. Yíyẹ̀ ẹ́ wò, tiyín ni: ẹ mú orúkọ mẹ́wàá, kí ẹni tí kò ṣe ìdánwò wà nínú wọn, kí ẹ fi wé ìwé máàkì.

Ẹ̀kọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́.

Ọdún tó kọjá mo pàdé àǹtí náà ní Lágere. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n bèèrè àwọn ọmọ, wọ́n wá ní, "Ṣé o ti ń fi `FALSE` sí i báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín.